Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi owó ránṣẹ́ sí gbájúẹ̀: ìdí tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ dúró di ọjọ́ Ajé

Jìbìtì tó ń dun àwọn ọlọ́jà wa ní òkè Ọya jù kì í ṣe èyí tí olè fi wọ inú àkántì èèyàn lóru. Èyí tí èèyàn fi ọwọ́ ara ẹ̀ tẹ owó ránṣẹ́ ni. Wọ́n tàn án ni o, àmọ́ òun ló tẹ nọ́ńbà àṣírí ẹ̀, òun náà ló rí orúkọ tó jáde lójú fóònù tó sì ní kó máa lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015, sọ ní abala 37 pé bí báǹkì bá yọ owó nínú àkántì oníbàárà láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, tí oníbàárà sì kọ̀wé sí wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí àṣẹ hàn tàbí kí wọ́n dá owó náà padà láàárín wákàtí 72. Àwọn èèyàn wa gbọ́ "wákàtí 72" yìí, wọ́n sì rò pé gbogbo jìbìtì ló kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tẹ́ ẹ fúnra yín tẹ̀ ránṣẹ́, báǹkì á sọ pé àṣẹ yín wà lórí ẹ̀. Ọ̀nà tó kù ni kí wọ́n bá owó náà kó tó kúrò níbi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká gbé e kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ìyá kan ń ta àdìrẹ ní Sábó n Gàrì, ní Kánò. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń rajà lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà ẹ̀ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, iṣẹ́ wọlé látorí Wasáàpù kọ́sítọ́mà yẹn: "Ìyá Kánò, ẹ kú ọjà o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì mi ò dáa látàná. Ẹ bá mi san owó ọjà yẹn sínú àkántì ọmọ iṣẹ́ mi." Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe ará Ìtòkú. Gbájúẹ̀ ti gba Wasáàpù obìnrin yẹn lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó sì ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ. Ìdí nìyẹn tó fi mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá yìí, tó sì mọ iye owó ọjà.

Ní aago 11:20, ìyá fi ₦420,000 ránṣẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ tó fi débẹ̀, torí bí tìránsífà wa ṣe rí nìyẹn. Ní 11:29, wọ́n ti gbé ₦250,000 nínú ẹ̀ lọ sí àkántì kejì ní báǹkì mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan fi káàdì gba ₦90,000 lọ́wọ́ oní-pí-ó-ẹ̀sì. Ó ku ₦80,000 nínú àkántì àkọ́kọ́.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò gbá gbogbo ẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti Oṣù Kejìlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ ti ní ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ lọ́wọ́ oní-pí-ó-ẹ̀sì lóòjọ́. Torí náà, ó di dandan kí wọ́n pín owó ńlá káàkiri àkántì púpọ̀, ìyẹn sì ń gba àsìkò díẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an lẹ̀yin náà ní.

Ìyá pe Ìtòkú ní 11:45 láti béèrè bóyá wọ́n ti rí álàátì. "Owó wo, Mà?" Báyìí ni àṣírí tú. Ní 11:52, ó ti wà lórí fóònù pẹ̀lú báǹkì ẹ̀.

Báǹkì yín ò lè na ọwọ́ wọ inú báǹkì kejì kó mú owó jáde. Ẹ̀ka tó ń rí sí jìbìtì níbẹ̀ á ránṣẹ́ sí irú ẹ̀ka kan náà ní báǹkì tó gba owó, àwọn yẹn ló máa ti owó tó bá kù mọ́ inú àkántì. Líìn ni wọ́n ń pè é. Bí apá kan bá ti lọ sí ibòmíràn, àwọn yẹn á tún ránṣẹ́ síwájú, nítorí báǹkì kọ̀ọ̀kan ò rí kọjá àkántì tiẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, wọ́n ti ₦80,000 mọ́lé ní 12:10. Kí báǹkì kẹta tó gbọ́, ₦100,000 ti jáde nínú ₦250,000, wọ́n sì bá ₦150,000 tó kù. Lápapọ̀, ₦230,000 dúró, ₦190,000 lọ. Ká ní ìyá dúró di ọjọ́ Ajé kí báǹkì tó ṣílẹ̀kùn ni, òfo ni wọn ì bá bá níbẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa sọ ṣe kókó. Ẹ sọ pé jìbìtì ni. Ẹ má sọ pé ẹ ṣi owó fi ránṣẹ́, torí ọ̀nà ti ìyẹn yàtọ̀: wọ́n á kọ́kọ́ bẹ ẹni tó gba owó pé kó fọwọ́ sí i kó padà, gbájúẹ̀ ò sì ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ má sì sọ pé ẹ ò mọ̀ nípa ẹ̀ rárá. Ojú ń ti àwọn kan, wọ́n á ní "mi ò tẹ nǹkan kan o." Báǹkì á wò ó, wọ́n á rí i pé fóònù yín àti nọ́ńbà àṣírí yín ló fi í ránṣẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹ̀yin gan-an nígbà tí owó ń sá lọ.

Ẹ ṣí ìwé ẹ̀rí tìránsífà lórí áàpù yín kẹ́ ẹ tó pè. Nọ́ńbà àkántì, orúkọ tó jáde, orúkọ báǹkì, iye owó àti aago wà níbẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni Session ID, nọ́ńbà gígùn tó jẹ́ 30. Báǹkì tí owó ti jáde, ọjọ́ àti àsìkò tó jáde, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú nọ́ńbà yẹn, òun ni báǹkì kejì sì fi máa rí owó náà kíákíá. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sọ tẹnu yín, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, kẹ́ ẹ kọ aago tẹ́ ẹ pè sílẹ̀.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì báǹkì yín ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ má wá a lórí ayélujára, àwọn gbájúẹ̀ ti gbé tiwọn síbẹ̀. Àwa tá a wà lẹ́yìn odi náà ní àṣà kan tí kò dáa: ẹni tó ṣí àkántì sí Ìbàdàn á ní ó dìgbà tóun bá délé. Ẹ̀ka báǹkì yín èyíkéyìí tó wà ní ìlú tẹ́ ẹ wà lè gba ẹ̀sùn yín. Títi àkántì tiyín pa nìkan ò sì ní gbà yín. Owó tó ti lọ ti lọ.

Owó tí wọ́n tì mọ́lé ò tíì di tiyín padà. Ẹni tó ni àkántì yẹn lè sọ pé ọjà lòun tà. Nítorí náà, báǹkì sábà máa ń béèrè ìwé ọlọ́pàá àti àṣẹ ilé-ẹjọ́ kí wọ́n tó dá a padà. Ìwé ọlọ́pàá lè tẹ̀ lé ìpè, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀. A mọ àwọn tó lo odidi ọjọ́ kan ní tèṣàn kí wọ́n tó rántí pe báǹkì.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báǹkì ò yanjú ẹ̀sùn náà, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báǹkì Àpapọ̀, sí cpd@cbn.gov.ng. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀sùn yín àti aago tẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè sínú ẹ̀. Bí báǹkì tó gba owó bá fi wákàtí mẹ́ta jókòó lé ẹ̀sùn yín kí wọ́n tó ti àkántì, aago yẹn ló máa fi hàn.