Kí ló dé tí 'a' inú ìwé kò jọ 'a' tí ọmọ yín ń kọ?

Ẹ ṣí ìwé A B D tó bá wà nílé yín, kí ẹ wo lẹ́tà 'a' inú rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọmọ tó wà ní pírámárì wáànì kọ 'a' sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn méjèèjì kì í jọra. Tọmọ yẹn máa dà bí òdo kékeré tí wọ́n fi igi tì lápá ọ̀tún. Tinú ìwé máa ní ikùn nísàlẹ̀, ó tún máa ní ọwọ́ kan tó tẹ̀ borí ikùn náà. Ó ṣeé ṣe kí 'a' tí ẹ ń kà lórí fóònù yín báyìí gan-an jẹ́ irú ẹ̀kejì yìí, àwa àgbà ni kì í fura mọ́.

Àwọn tó ń ya lẹ́tà fún ìwé títẹ̀ máa ń fi ilé ṣàpèjúwe rẹ̀. 'a' tọmọ kọ, ilé ilẹ̀ ni. 'a' inú ìwé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'g' ṣe rí. 'g' ilẹ̀ ni èyí tó ní ìrù tó ká bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja. 'g' pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ihò méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ìgbà téèyàn gbé awò ojú nàró. Kò sí olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ láti fọwọ́ kọ 'g' oníhò méjì yẹn. Àgbà gan-an, ẹ ní kó kọ ọ́ láìwòwé, ẹ máa rí ẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ, torí kò sí ojú ewé tí 'a' àti 'g' kì í pọ̀ sí. 'gb' tiẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kan gedegbe nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Gbogbo, àgbà, igbá, gbàgede: ọmọ tó ń ka ìwé Yorùbá máa pàdé 'g' ní ìlà kan ju bí ọmọ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa pàdé rẹ̀ lọ. Ẹ tún wo oore kan tí álífábẹ́ẹ̀tì wa ṣe fún wa: nínú Gẹ̀ẹ́sì, 'g' ilẹ̀ lè dà bí 'q' lójú ọmọ. Àwa ò ní 'q', torí náà ìyẹn kò kàn wá.

Ṣé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá ń dí ọmọ lọ́wọ́ láti kàwé ni? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ síbí. Sue Walker àti Linda Reynolds ní Yunifásítì Reading, ní ìlú Ọba, fún àwọn ọmọ kékeré ní ìwé láti kà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2003. Wọn kò rí i pé lẹ́tà ilẹ̀ mú àwọn ọmọ kàwé dáadáa ju ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Àwọn ọmọ kan mọ̀ pé lẹ́tà kan kò rí bí àwọn ṣe ń kọ ọ́, síbẹ̀ wọ́n kà á. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé 'a' pẹ̀tẹ́ẹ̀sì máa ba ọmọ jẹ́, ẹ má dá a lóhùn. Àǹfààní 'a' ilẹ̀ kò ju pé ohun tí ọmọ kọ ní kíláàsì àti ohun tó rí nínú ìwé jẹ́ ọ̀kan náà. Ó lè fi ìka tọ lẹ́tà inú ìwé bí ó ṣe máa kọ ọ́. Fún ọmọ tó wà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìwé kíkà, mo gbà pé ó tó ìdí láti yàn án. Ṣùgbọ́n ẹ má torí rẹ̀ pàdánù ohun tó ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé Yorùbá ti ń ṣubú.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ń to ìwé á gbọ́ pé 'a' ilẹ̀ ló dáa fún ọmọdé, á wá lọ mú Century Gothic. Ó rẹwà lóòótọ́. 'a' rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀, 'g' rẹ̀ náà jẹ́ ilẹ̀. Àmọ́ 'a' ibẹ̀ rí roboto débi pé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló yà á sọ́tọ̀ sí 'o'. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ò tíì mọ́ lẹ́tà máa ka 'apá' bí ẹni ń ka 'opó'. Ìyẹn nìkan kọ́: lẹ́tà ńlá 'I' àti lẹ́tà kékeré 'l' inú fọ́ǹtì náà jẹ́ igi gbọọrọ méjì tí kò ní àmì kankan. Arial náà ní àìsàn yìí. Ẹ wá ro iye ìgbà tí gbólóhùn Yorùbá fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ilé, Ilẹ̀, Ilá tàbí Ìlú. Ohun tí ọmọ máa rí ni igi méjì tó dúró ti ara wọn, kò sì ní mọ èwo ni èwo.

Àwọn kan máa ń fi ìtálíìkì dọ́gbọ́n sí i, torí pé 'a' Times New Roman máa ń di ilẹ̀ bí wọ́n bá ti dà á nàlẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìwé á wá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí igi tí ìjì fẹ́, ọmọ ò sì kọ irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ wá kan àmì. Ẹ wo àwọn mẹ́rin yìí: agbọ̀n tí wọ́n ń kó ẹrù sí, agbọ́n tó ń ta èèyàn, àgbọn tí wọ́n ń jẹ, àti àgbọ̀n tó wà lábẹ́ ẹnu. Àmì ohùn nìkan ló yà wọ́n. Bí fọ́ǹtì yín bá gbé àmì náà síbi tí kò yẹ, ọmọ tó rí àwòrán ìyá tó gbé agbọ̀n lè kà á pé ìyá gbé kòkòrò tó ń ta èèyàn.

Kí ló dé tí fọ́ǹtì tó dáa fún Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń kùnà níbí? Ìdí kan wà tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Èdè Fiẹtnám náà máa ń fi àmì sábẹ́ 'e' àti 'o'. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fọ́ǹtì ti ṣètò fún Fiẹtnám, àwa náà sì ń jẹ nínú rẹ̀: ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ fi lè rí 'ẹ' àti 'ọ' nínú fọ́ǹtì tí kò sẹ́ni tó ro Yorùbá nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Fiẹtnám kò ní 'ṣ'. Nítorí náà, ẹ lè rí fọ́ǹtì tó ní ẹ àti ọ tí kò sì ní ṣ rárá. Kọ̀ǹpútà kò ní sọ fún yín, ó kàn máa lọ yá 'ṣ' lára fọ́ǹtì míì ni.

Èkejì: nínú Fiẹtnám, àmì abẹ́ lẹ́tà yẹn gan-an ni àmì ohùn, nítorí náà wọn kì í fi àmì òkè bíi tiwa kún un. Àwa la ní 'ẹ́' àti 'ọ̀'. Yuníkóòdù, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà gbogbo àgbáyé fi ń mọ lẹ́tà, ní ààyè kan fún 'ẹ' àti ààyè kan fún 'é', àmọ́ kò ní ààyè kan ṣoṣo fún 'ẹ́'. Méjì ni wọ́n máa ń so pọ̀:

```
ẹ́ = U+1EB9 + U+0301
```

Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ ti fi ibi tí àmì máa bà lé sára lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ṣe é, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gun lẹ́tà tó tẹ̀ lé e lórí, tàbí kí àpótí òfìfo jáde.

Torí náà, kí ẹ tó yan fọ́ǹtì, ẹ tẹ gbólóhùn kan wò. Èyí tí mo máa ń lò rèé:

```
Ilé ẹ̀gbọ́n Ṣadé ni àgbọ̀nrín ti ń ṣeré. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló jẹ.
```

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní Times New Roman, Arial, Century Gothic àti Andika, kí ẹ sọ ọ́ di ńlá tó 40 póíǹtì, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Times New Roman máa fún yín ní 'a' àti 'g' pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Arial máa fún yín ní 'g' ilẹ̀, àmọ́ 'a' rẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, 'Il' tó wà ní 'Ilé' á sì di igi méjì. Century Gothic, a ti sọ tirẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ẹ wo 'ṣ' dáadáa: bí ó bá sanra tàbí tín-ín-rín ju lẹ́tà tó yí i ká lọ, yíyá ni wọ́n yá a. Ẹ wo 'Ọ̀' ńlá náà, torí ibẹ̀ ni àmì ti máa ń gun lẹ́tà lórí.

Andika ni èmi máa ń dá lábàá. Ọ̀rọ̀ Súwàhílì ni, ó túmọ̀ sí 'kọ'. Àjọ SIL ló ṣe é fún àwọn tó ń kọ́ ìwé kíkà. 'a' àti 'g' rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀, 'a' kò sì jọ 'o'. 'I' ní ẹsẹ̀ àti orí, 'l' ní ìrù kékeré nísàlẹ̀, àmì wa sì máa ń jókòó síbi tó yẹ. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa rí i lórí Google Fonts, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gbà yín láyè láti tẹ ìwé kí ẹ sì tà á. Fọ́ǹtì yẹn fúnra rẹ̀ nìkan lẹ ò gbọ́dọ̀ dá tà. Kò lẹ́wà bíi Century Gothic, mo gbà.

Ẹ fún ìlà láàyè. Èdè wa ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, nítorí náà àmì abẹ́ ìlà òkè lè forí gbá àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀. Bí lẹ́tà bá jẹ́ 20 póíǹtì, mo máa ń jẹ́ kí ìlà sí ìlà tó 32. Nínú Microsoft Word, bí ẹ bá yan `Exactly` tí nọ́ńbà rẹ̀ sì kéré, ṣe ló máa gé àmì òkè dànù. Ẹ má sì fa ìlà sábẹ́ àkọlé, torí ìlà yẹn ló máa gbé àmì 'ẹ', 'ọ' àti 'ṣ' mì.

Ìgbẹ̀yìn ni ti atẹ̀wé. Bí ẹ bá gbé fáìlì Word lọ sí Ṣómólú, tí kọ̀ǹpútà wọn kò sì ní Andika, fọ́ǹtì míì ló máa gbapò, 'a' pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á sì padà wá láìsí ẹni tó rí i títí ìwé á fi jáde. PDF ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i ní Adobe Reader, kí ẹ wọ `Properties`, lẹ́yìn náà `Fonts`. Iwájú orúkọ fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní `Embedded` tàbí `Embedded Subset`. Bí ẹ bá rí orúkọ fọ́ǹtì tí ẹ kò yàn nínú àkọsílẹ̀ yẹn, lẹ́tà kan ti lọ yá aṣọ wọ̀ níbì kan nínú ìwé yín. 'ṣ' ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.