Yúnìtì Tó Ń Lọ Lóru

Ká mú ọ́fíìsì alájà mẹ́ta kan ní Ìkẹjà. Ẹni tó ni ín ń rò ó bóyá kí òun pààrọ̀ àwọn ẹ̀rọ amúlétutù, àbí kí òun kọ́kọ́ wá nǹkan ta síwájú fèrèsé kí oòrùn má wọlé. Ẹnjiníà kan wá fi EnergyPlus ṣe àwòṣe ilé náà sórí kọ̀ǹpútà: ògiri, fèrèsé, gílóòbù, iye òṣìṣẹ́, wákàtí iṣẹ́ wọn. Àwòṣe ní yúnìtì 9,000 ni ilé náà jẹ lóṣù kẹta. Mítà NEPA kọ 8,700.

Ó jọ pé wọ́n bára mu. Wọn ò bára mu rárá. Bí NEPA bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ọ́fíìsì yìí, mítà NEPA kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mítà tó wà lára jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ kọ 3,300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12,000, àwòṣe sì fi 3,000 dín.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Ó rọrùn láti jókòó ti kọ̀ǹpútà kí èèyàn máa yí nọ́ńbà títí yóò fi bá mítà mu. Inú ilé gan-an ló yẹ kó lọ.

Ẹnjiníà wa kọ́kọ́ yọ ojú ọjọ́ tí wọ́n ṣírò láti inú ọ̀pọ̀ ọdún kúrò, ó fi ti oṣù kẹta ọdún yẹn gan-an sí i. Ìyàtọ̀ tíyẹn mú wá kò tó nǹkan. Ó wá dúró di òru. Ó ka mítà ní aago mọ́kànlá, ó tún kà á ní aago márùn-ún ìdájí: yúnìtì 24 ti lọ láàárín wákàtí mẹ́fà, nígbà tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Kílówáàtì 4 nìyẹn. 1 ni àwòṣe kọ. Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá sáfà, fìríìjì, àti kọ̀ǹpútà tí wọn ò pa ló ń jẹ ẹ́. Iná kì í kú níbẹ̀ nítorí sáfà, ilé sì ń ṣófo fún nǹkan bíi wákàtí 500 lóṣù. Kílówáàtì 3 fún wákàtí 500 jẹ́ yúnìtì 1,500: ìdajì ohun tó sọnù.

Lọ́sàn-án, ó rí i pé 19 ni wọ́n ṣí ẹ̀rọ amúlétutù sí, kì í ṣe 24 tó kọ. Nígbà tó tún un ṣe, àwòṣe bọ́ sí 11,600.

Ìlànà 14 ti ẹgbẹ́ ASHRAE nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìdánwò méjì fún irú àwòṣe tí a fi mítà oṣooṣù yẹ̀ wò. Àṣìṣe àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n bí àwòṣe bá fi 1,000 dín lóṣù kẹta, tó fi 1,000 lé lóṣù keje, méjèèjì á pa ara wọn rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò kejì fi ń wo bí oṣù kọ̀ọ̀kan ṣe yẹ̀ sí. Òun kò gbọdọ̀ ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Àwòṣe lè yege nínú méjèèjì síbẹ̀ kí ohun tó kọ nípa fèrèsé má tọ̀nà, torí mítà kan ṣoṣo kì í sọ ibi tí yúnìtì gbà lọ. Kí ẹni tó ni ilé tó náwó sórí fèrèsé, ẹnjiníà náà ní kí wọ́n fi mítà ọ̀tọ̀ sórí wáyà ẹ̀rọ amúlétutù nìkan, kí wọ́n sì kà á fún oṣù mélòó kan.