Kí Ni Oníṣọ́ọ̀bù Fẹ́ Fi Áàpù Ìṣirò Ṣe?

"Áàpù wa ń ṣe ìṣirò dẹ́bíìtì àti kírẹ́díìtì, ó sì ń kọ àwìn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago." Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló kún inú ìwé ìpolówó tí wọ́n ń pín fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ohun tí áàpù lè ṣe nìkan ló sọ. Àǹfààní tí yóò ṣe ìyá tó ń ta ìrẹsì àti mílíìkì kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àwìn yẹn. Ẹni tó ń kọ ìpolówó gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ̀ pé "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" títí yóò fi kan ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Áàpù kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí oníbàárà. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ká ní oníbàárà kan gbé ọjà ₦18,500 láwìn, ó san ₦5,000 lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà tí oṣù parí, ó ní ₦10,000 ló kù; ìyá ní ₦13,500 ni. Bí ìyá bá gbà fún un, ₦3,500 ti lọ. Bí ó bá jà, oníbàárà lè má padà wá mọ́. Àmọ́ tẹ́ẹ̀sì ọjọ́ méjèèjì wà lórí fóònù oníbàárà fúnra rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn: "Ẹ̀yin àti oníbàárà yín kò ní jà mọ́ lórí iye tó kù. Bí ẹ bá ti ń kọ àwìn sílẹ̀ ni tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ń wọ fóònù tirẹ̀."

Ẹ kíyè sí i pé ohun tí áàpù ń ṣe ṣì wà nínú gbólóhùn kejì, torí òun ni ẹ̀rí. Àwọn kan a yọ ọ́ kúrò pátápátá, wọn a wá kọ "Òwò yín yóò gbèrú." Ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ áàpù náà: bí orúkọ báǹkì tàbí ti ọṣẹ bá lè dúró níbẹ̀, òfìfo ni. Àwọn mìíràn a sì ṣèlérí pé gbogbo gbèsè ni yóò wọlé. Tẹ́ẹ̀sì kò lè fa owó jáde lápò ẹni tí kò fẹ́ san, bí oṣù kan bá sì ti kọjá, ìyá yóò ti ròyìn yín fún gbogbo ọjà.

Iléeṣẹ́ Intuit ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn onísòwò kéékèèké ń lo Quicken, tí wọ́n ṣe fún ìnáwó ilé, fún òwò wọn. Wọn ò fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó. Wọ́n fẹ́ san owó, kí wọ́n sì mọ ẹni tó jẹ wọ́n. Lọ́dún 1992 ni wọ́n gbé QuickBooks jáde, tí kò fi dẹ́bíìtì àti kírẹ́díìtì síwájú wọn.

Akáǹtáǹtì yàtọ̀ ṣá o. Òun fẹ́ mọ ohun tí áàpù lè ṣe ní kíkún, ìṣirò owó orí sì wà lára ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè. Bí ẹ bá gbé owó orí yẹn kalẹ̀ níwájú ìyá oníṣọ́ọ̀bù bí àǹfààní, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ìjọba máa rí ìwé òun. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un, láìfi igbá bọ̀ ọ́, ta ló lè wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti ta ni kò lè wò ó.