Nígbà Tí Káàdì Ẹ̀bùn Bá Kọ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà ló máa ń fi káàdì ẹ̀bùn Apple ta ọmọ tàbí àbúrò wọn lọ́rẹ. Wọ́n á rà á ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á bó ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò kóòdù tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà 16 tí X bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ẹni tó gbà á á tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n kọ `Redeem Gift Card or Code` sí nínú App Store, fóònù á sì ní òun ò gbà á. Kí ó tó tún un tẹ̀, kí ó fara balẹ̀ ka ohun tí fóònù kọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa sọ bóyá ṣọ́ọ̀bù tó tà á la máa lọ bá, tàbí Apple fúnra rẹ̀.

Bó bá ní kóòdù kò tọ̀nà, ẹ wò ó dáadáa: B àti 8 jọra wọn, S àti 5, G àti 6, Z àti 2, O àti Q. Fọ́tò tí kò mọ́lẹ̀ máa ń da àwọn wọ̀nyí rú.

Bó bá ní káàdì náà kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè yín, kò sí ẹni tó jalè. Káàdì tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà, àkántì Amẹ́ríkà nìkan ló ń wọ̀, àkántì Nàìjíríà kò lè gbà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé owó inú rẹ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀. Kí ẹni tó rà á tẹ kóòdù náà sínú àkántì tirẹ̀, kí ó ná an, kí ó sì fi iye owó náà ránṣẹ́ sílé lọ́nà mìíràn. Mo rò pé èyí sàn ju kéèyàn máa paárọ̀ orílẹ̀-èdè àkántì rẹ̀ torí káàdì kan.

Bó bá ní káàdì náà kò tíì ṣeé lò, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Káàdì tó wà lórí pẹpẹ kò ní owó kankan nínú. Ìgbà tí ẹni tó ń gbowó bá gbà á wọlé lórí ẹ̀rọ rẹ̀ ni owó tó ń wọnú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá kọsẹ̀, ẹ óò sanwó, ẹ óò sì gba rìsíìtì, ṣùgbọ́n òfìfo káàdì ni ẹ mú lọ sílé. Káàdì àti rìsíìtì ni kí ẹ mú padà lọ bá máníjà.

Èyí tó máa ń dunni jù ni kí fóònù sọ pé wọ́n ti lo káàdì náà. Ká sọ pé ìyá kan ní Húsítọ̀nù ra káàdì 50 dọ́là fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì níbẹ̀, tí ọmọ náà sì rí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ó kọ́kọ́ wo iye tó wà nínú gbogbo àkántì Apple tó ní, torí ó lè ti tẹ̀ ẹ́ sínú èyí tó ti gbàgbé. Lẹ́yìn náà, kí ìyá béèrè ẹni tó tún rí fọ́tò náà. Ẹnikẹ́ni nínú gúrúùpù ẹbí tó bá kọ́kọ́ tẹ kóòdù ló ni owó.

Bí kò bá sí ẹni tó rí i, ó ṣeé ṣe kí olè ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Wọ́n máa ń jí káàdì lórí pẹpẹ, wọn á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn á da kóòdù kọ, wọn á lẹ̀ ẹ́ padà, wọn á sì dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnìkan bá ti sanwó lé e, wọn á kó owó inú rẹ̀ lọ. Ìlẹ̀mọ́ tó wọ́ tàbí páálí tí etí rẹ̀ ti ya ni àmì rẹ̀. Ní 2024, ìpínlẹ̀ Mẹ́rílándì ṣe òfin pé kí wọ́n máa di káàdì ẹ̀bùn lọ́nà tí èèyàn á fi rí i bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí i.

Ìyá yìí kò gbọ́dọ̀ sọ káàdì nù. Kí ó ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí GCA bẹ̀rẹ̀ hàn kedere, kí ó ya rìsíìtì náà, kí ó sì pe Apple ní 1-800-275-2273. Ẹ má ṣe wá nọ́ńbà mìíràn kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí àwọn gbájúẹ̀ máa ń gbé nọ́ńbà tiwọn síbẹ̀. Kí ó sọ ọjọ́ àti ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á, kí ó sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ tí wọ́n bá ṣí fún un. Kí ó sọ fún ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ kan náà, torí wọ́n lè yọ àwọn káàdì tó kù lórí pẹpẹ kúrò.

Bí méjèèjì bá ń ti ẹjọ́ náà síra wọn, tó sì jẹ́ pé káàdì gbèsè ló fi sanwó, kí ó kọ̀wé sí báńkì rẹ̀ láàárín 60 ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi owó náà hàn nínú ìwé gbèsè rẹ̀. Rìsíìtì, fọ́tò àti nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn ni ẹ̀rí tó máa fi lé wọn lọ́wọ́.