Ìtàn Àná Tó Ń Yọ́ Bọ́ Sínú Òní

Ẹni tó bá gbọ́njú ní agbègbè Ìbàràpá kí ọdún 1990 tó dé, bóyá ní Èrúwà ni o, bóyá ní Igbó-Ọrà, yóò rántí sòbìà. Aràn gígùn ni, ẹsẹ̀ ènìyàn ló sábà máa ń gbà yọ jáde, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìrora tó lè dá géńdé àgbẹ̀ jókòó sílé ní àkókò tí oko ń pè é. Ìdèrè, tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà rárá, wà lára àwọn ìlú tí ó yọ lẹ́nu jù. Ibẹ̀ ni mo fi ìtàn kúkúrú kan sí. Ìjókòó mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, ó sì tó oṣù kan láàárín ìjókòó kìíní sí ìkẹta. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé àná ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé etí odò, ó ti di ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ó tún padà sí àná lójú ewé tó tẹ̀ lé e. Ìpínrọ̀ tí ó ti yọ́ náà nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́:

Ní ọdún náà, sòbìà kò jẹ́ kí bàbá Àbẹ̀kẹ́ dé oko. Àbẹ̀kẹ́ gbé ìkòkò, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Àwọn obìnrin mẹ́ta ń pọn omi. Ó ń ta aṣọ bo ẹnu ìkòkò, ó ń da omi lé e, ó ń wo ohun tó kù lórí aṣọ. Omi náà mọ́ gaara. Ìyá rẹ̀ kò mu omi tí a kò sẹ́. Ọ̀la ni ọjọ́ ọjà, wọn yóò sì gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Omi tó mu ní èṣí ló fà á. Àwọn ará Ìdèrè máa ń mu omi odò náà.

Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá tó dáńgájíá. Ohun tó jẹ́ kí àṣìṣe yìí ṣòroó rí nìyẹn. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìṣe fúnra rẹ̀ ló ń yí padà bí àkókò bá yí, nítorí náà ojú lè tètè mú un. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. “Lọ” tí a lò fún àná náà ni a ó lò fún òní. Àwọn onígírámà wa rí èyí, wọ́n sì fún un ní orúkọ tó bá a mu gan-an: àsìkò afànámónìí, èyí tó fa àná mọ́ òní. Bí ọ̀rọ̀ ìṣe bá ń tọ́ka sí ohun tí ènìyàn ṣe, bíi gbé, dà, sọ̀ kalẹ̀, tí kò sì sí wúnrẹ̀n kankan níwájú rẹ̀, a máa ń gbà pé ó ti kọjá. Bó bá jẹ́ ipò tí nǹkan wà ló ń sọ, bíi mọ̀, ga, jìn, mọ́, ó lè jẹ́ àná, ó lè jẹ́ òní. Ará ilé rẹ̀ ni yóò sọ fún wa. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ mú àkókò dúró nínú ìtàn Yorùbá kò gbọdọ̀ máa wo ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan. Àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké tó ṣáájú rẹ̀ ni kó wò, ń, ti, máa ń, yóò, kò, kì í, àti àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dárúkọ ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí “ń”, nítorí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé lọ́nà. Ènìyàn lè rò pé “ń” túmọ̀ sí ìsinsìnyí, kó wá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìtàn àná. Àṣìṣe mìíràn nìyẹn. “Ń” kò sọ ìgbà. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan náà kò tíì parí ní àkókò tí a ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí “àwọn obìnrin mẹ́ta ń pọn omi” fi dára níbi tó wà. Àbẹ̀kẹ́ bá wọn lẹ́nu rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n “ó ń ta aṣọ, ó ń da omi, ó ń wo” kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́ta tó tẹ̀ léra ni, ìkan gbọ́dọ̀ parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi “ń” sí iwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò jẹ́ kí èyíkéyìí parí, ìtàn sì dúró sójú kan bí àwòrán. Òǹkàwé tó rí ìdúró yẹn ló máa rò pé òun ti dé etí odò, pé ojú òun ló ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ ìyàtọ̀ rọrùn. Mo máa ń ki “lẹ́yìn náà” bọ àárín awẹ́ gbólóhùn méjì. Ó ta aṣọ bo ẹnu ìkòkò, lẹ́yìn náà ó da omi lé e: ó bọ́ sí i, nítorí náà ìtàn ń rìn níbẹ̀, “ń” kò ní iṣẹ́ kankan níwájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ “ní gbogbo àkókò yẹn” ló bọ́ sí i, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ìtàn ni, kí “ń” dúró. Àwọn obìnrin mẹ́ta náà yege ìdánwò kejì yìí, Àbẹ̀kẹ́ kò yege.

Ẹ wo “omi náà mọ́ gaara” tó tẹ̀ lé e. Kò sí àmì ìgbà kankan lára rẹ̀. Bí àwọn gbólóhùn tó yí i ká bá wà ní àná, òun náà á wà ní àná. Nítorí pé “ń” mẹ́ta ló ṣáájú rẹ̀ ni ó fi bá wọn lọ. Báyìí ni yíyọ́ ṣe ń ràn: gbólóhùn kan ló ṣubú, ó fa aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́. Bí mo ti tún àwọn “ń” ṣe, èyí tún ara rẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án.

“Kò” ni mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé ṣọ́ra fún jù, nítorí ó máa ń gbé “ń” mì. Òdì “mò ń lọ” ni “n kò lọ”. Òdì “mo lọ” náà ni “n kò lọ”. Nígbà tí mo kọ ọ́ pé ìyá Àbẹ̀kẹ́ kò mu omi tí a kò sẹ́, kí ni mo ní lọ́kàn? Ṣé lọ́jọ́ yẹn ni kò mu ún, àbí kò fìgbà kankan mu irú rẹ̀? Àṣà rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, “kì í mu” ló sì yẹ kí n kọ. Fífi pẹ́ńsù wá “ń” káàkiri ìwé kò ní fi irú ibi báyìí hàn. Gbogbo “kò” ni kí ènìyàn dúró tì, kó bi í léèrè: ẹ̀ẹ̀kan ni, àbí ìgbà gbogbo?

Àwọn ọ̀rọ̀ ìgbà ló kàn. Ọ̀la, àná, èṣí, lónìí, báyìí, ọdún tó ń bọ̀: ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni a ti ń ka gbogbo wọn. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá la ẹnu pé, “Ọ̀la ni ọjọ́ ọjà,” ọ̀la rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ohun tí ẹ̀dá ìtàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní àkókò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí asọ̀tàn bá sọ pé “ọ̀la”, ọ̀la ta ni? Ó di “ọjọ́ kejì”. “Yóò” tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀nà àbáyọ méjì: kí n gbé e sí ẹnu ẹnìkan, tàbí kí n sọ ọ́ di ìpinnu tí wọ́n ti ṣe.

“Èṣí” gba àlàyé díẹ̀ sí i, nítorí pé sòbìà fúnra rẹ̀ fẹ́ ká mọ ìgbà. Láti ọjọ́ tí ènìyàn bá mu omi tó ní kòkòrò tíntìntín tó gbé ọmọ aràn náà sínú, ó máa ń tó nǹkan bí ọdún kan kí aràn tó yọ jáde. Nítorí náà, ìtàn sòbìà èyíkéyìí á ní ẹ̀yìn tó gùn tó ọdún kan, òǹkọ̀wé á sì fẹ́ padà síbẹ̀. “Ti” ni ilẹ̀kùn: “omi tí ó ti mu ní ọdún tó ṣáájú”. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tó láti fi “ti” ṣílẹ̀kùn. Bí òǹkàwé bá ti wọlé, a lè máa sọ ọ́ lọ ní ṣókí bí ìtàn àná mìíràn, láìfi “ti” sí ìdí gbogbo ọ̀rọ̀. Èyí tí àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń gbàgbé ni láti ti ilẹ̀kùn náà. Bí a bá fẹ́ padà sí etí odò, kí a dárúkọ nǹkan kan tí a fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìkòkò tàbí aṣọ, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé a ti dé.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló dùn mí jù. “Àwọn ará Ìdèrè máa ń mu omi odò náà.” “Máa ń” ń sọ àṣà, kò sì sọ bóyá àṣà náà ti dópin. Ẹni tó bá kà á lónìí á gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe, pé sòbìà ṣì wà níbẹ̀. Irọ́ pátápátá ni. Ọdún 2008 ni a rí aláìsàn sòbìà kẹ́yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé orílẹ̀-èdè yìí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Nígbà náà” ni gbólóhùn yẹn ń wá, kó sì wà níwájú pátápátá.

Bí ìpínrọ̀ náà ṣe rí báyìí nìyí:

Nígbà náà, omi odò ni àwọn ará Ìdèrè máa ń mu. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, sòbìà kò jẹ́ kí bàbá Àbẹ̀kẹ́ dé oko. Omi tí ó ti mu ní ọdún tó ṣáájú ló fà á. Àbẹ̀kẹ́ gbé ìkòkò, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Àwọn obìnrin mẹ́ta ń pọn omi. Ó ta aṣọ bo ẹnu ìkòkò, ó da omi lé e, ó wo ohun tó kù lórí aṣọ. Omi náà mọ́ gaara. Ìyá rẹ̀ kì í mu omi tí a kò sẹ́. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ọjà, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn yóò gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ọsibítù.

“Mò ń wí yìí” tó wà níbẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Asọ̀tàn ló ń sọ̀rọ̀, òní ni òun sì wà. Bí ó bá fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kó bá òǹkàwé sọ̀rọ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí òní tirẹ̀, bí kò bá ṣáà ti bá àwọn ẹ̀dá ìtàn jókòó sínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé a kò lè kọ gbogbo ìtàn ní “ń” ni? A lè ṣe é. Àwọn tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò ń ṣe é lójoojúmọ́: ó ń gbé e bọ̀, ó ti gbá a. Ẹ gbọ́ bí “ti” ṣe ń bá wọn parí ohun tí “ń” kò lè parí. Fún ìran kan ṣoṣo tó gbóná, ó dára. Bó bá tó ewé márùn-ún, etí á kún.

Tí mo bá fẹ́ wá ibi tí ìtàn ti yọ́, ibi tí mo ti dá iṣẹ́ dúró ni mo kọ́kọ́ ń wò. Nínú ìtàn Ìdèrè yìí, “Àwọn obìnrin mẹ́ta ń pọn omi” ni gbólóhùn tí mo kọ kẹ́yìn kí n tó dìde níbi ìjókòó kìíní. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, òun nìkan ni mo kà kí n tó máa bá iṣẹ́ lọ. “Ń” ló wà létí mi, “ń” náà ni mo sì ń kọ lọ. Ní báyìí, mo máa ń padà sẹ́yìn tó ojú ewé kan gbáko, mo sì máa ń kà á sókè, títí n ó fi gbọ́ gbólóhùn tí ẹnìkan ti ṣe nǹkan tó sì parí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń mú kálámù.