Bí A Ṣe Ń Kọ Ètò Ìdárayá Inú Ilé fún Ẹni Tí Rọpárọsẹ̀ Kọlù

Ètò ìdárayá inú ilé ni ìwé tí olùtọ́jú fìsíò máa ń kọ fún ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù nígbà tí ó bá ń padà sílé láti ọsibítù. Ìwé náà máa ń sọ ohun tí aláìsàn yóò ṣe, iye ìgbà tí yóò ṣe é, ẹni tí yóò dúró tì í, àti ohun tó yẹ kó mú wọn dáwọ́ dúró. Ojú ìwé kan ti tó. Bí ìdárayá inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, aláìsàn kì í ṣe é parí.

Ohun tí aláìsàn fẹ́ padà lè dá ṣe ni a kọ́kọ́ ń kọ. Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin ẹni ọdún 58 kan ṣe àpẹẹrẹ. Apá òsì ọpọlọ rẹ̀ ni àrùn náà ti bà jẹ́, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni kò lágbára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lè fi ọ̀pá rìn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dìde lórí àga láìjẹ́ pé ẹnì kan gbé e. Ohun tó fẹ́ ni pé kó máa dá dìde lọ sí ilé ìtọ̀. Dídìde àti jíjókòó ni yóò jẹ́ òpó ètò tirẹ̀.

Àga tí kì í mì ni wọn yóò lò, wọn yóò sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Bí àga bá lọ sílẹ̀ ju orúnkún lọ, kí wọ́n fi tìmùtìmù líle gbé e sókè. Obìnrin náà yóò wọ bàtà tó di gìgísẹ̀ mú, kì í ṣe sílípáàsì. Yóò sún wá síwájú àga, yóò fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò sì wà lẹ́yìn ti òsì, nítorí pé ẹsẹ̀ tó bá wà lẹ́yìn ni ìwúwo ara ń bọ́ sí jù. Yóò fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú, yóò nà wọ́n síwájú, yóò tẹ̀ síwájú títí ìdí rẹ̀ yóò fi fúyẹ́ lórí àga, kó tó dìde. Bó bá ń jókòó, kó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, wọn yóò sinmi, wọn yóò tún un ṣe, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ìdárayá kejì jẹ́ ti ọwọ́. Yóò jókòó sídìí tábìlì, yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún lé tówẹ́ẹ̀lì, yóò fi ọwọ́ òsì lé e, yóò sì tì í síwájú títí ìgbọ̀nwọ́ yóò fi nà, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ibi tí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kó ti dúró.

Ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ yóò dúró ní apá ọ̀tún, níbi tó ti lè ṣubú. Kó má ṣe fa ọwọ́ ọ̀tún náà láé, kó má sì kì í lábẹ́ abíyá gbé. Iṣan ló ń di oríkèé èjìká mú. Bí iṣan bá ti dẹ̀, fífà lè yẹ èjìká náà tàbí kó dá ìrora tí kì í tètè lọ sílẹ̀. Ọ̀já tí wọ́n dì mọ́ ọn ní ìbàdí ni kó máa dì mú.

Kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Iye tí dókítà bá fọwọ́ sí ni a ń kọ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú kì í jẹ́ kí aláìsàn ṣe ìdárayá bó bá ti kọjá 180/110. Òòyì, àyà dídùn tàbí èémí tó ń há yóò mú wọn dáwọ́ dúró, kí wọ́n sì wá dókítà. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dùn, bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí ọ̀rọ̀ bá lọ́, tàbí tí àìlera tuntun bá dé, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìlọsíwájú kì í ṣe ohun tí a ń fojú inú wò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá tó gbà á láti dìde kó sì jókòó lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí iye náà bá ń dín kù, tí ẹni tó di ọ̀já mú kò sì fi bẹ́ẹ̀ lo agbára mọ́, ara ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo gìgísẹ̀ ọ̀tún. Bó bá ń kúrò nílẹ̀, tí ara sì ń wọ́ sí òsì, ẹsẹ̀ tó lágbára ló ń dá ṣiṣẹ́; yíyára náà kì í ṣe ìlọsíwájú. Nígbà tí ó bá ń ṣe é dáadáa láìrẹ̀ ẹ́, ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n yí padà: kí wọ́n yọ tìmùtìmù, tàbí kí wọ́n fi ìgbà méjì kún iye ìdìde.

Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ni ara sábà máa ń yára padà jù, lẹ́yìn náà ó máa ń falẹ̀. Bí iye náà kò bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹbí má ṣe pa ètò náà tì. Kí wọ́n mú ìwé náà padà tọ olùtọ́jú fìsíò lọ kó tún un kọ.