Níbo Ni Owó Oṣù Kọkànlá Gbà Lọ?
Ìwé ìlàlóye fún àwọn ìdílé tó ń gbin kòkó ní Ìdànrè

Lásìkò tí a bá ń ta kòkó, owó máa ń wọ àkáǹtì, kì í sì í pẹ́ tó fi ń jáde. Ẹ gba sitétímẹ́ǹtì oṣù náà lọ́wọ́ báǹkì yín. Owó tó jáde wà lábẹ́ Debit, èyí tó wọlé wà lábẹ́ Credit.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tí kì í ṣe ìnáwó kúrò. Ká ní àpapọ̀ Debit ìdílé kan jẹ́ ₦412,000. Nínú rẹ̀, bàbá fi ₦120,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì mìíràn tó jẹ́ tirẹ̀. Owó yẹn ò kúrò nílé. ₦12,000 mìíràn kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, báǹkì sì dá a padà: ẹ ó rí iye kan náà lábẹ́ Credit, tí wọ́n kọ Reversal sí. Ìnáwó gan-an wá jẹ́ ₦280,000.

Ẹ wá pín in. Oko gba ₦84,000, oúnjẹ ₦45,000, owó ilé ìwé ₦40,000, iná àti fóònù ₦12,000, owó tí báǹkì yọ ₦1,000. Ó ku ₦98,000, gbogbo rẹ̀ ló sì jẹ́ owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oní-POS.

Ẹ má ṣe da owó oko pọ̀ mọ́ ti ilé, torí kòkó ló ń san owó oko padà. Bí a bá yọ ọ́, ₦196,000 ló kù, ìdajì rẹ̀ gan-an sì ni owó POS yẹn. Sitétímẹ́ǹtì ò lè sọ ohun tí wọ́n fi rà. Ibí yìí ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Ẹ wo ọjọ́ tó wà níwájú owó kọ̀ọ̀kan, kí tọkọtaya jọ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdílé yìí rántí pé ₦30,000 ni àwọn tó bá wọn já kòkó gbà, ₦28,000 lọ sọ́jà, ọ̀kadà sì gba ₦22,000, iye tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ronú kàn rí. Owó oko wá di ₦114,000, oúnjẹ ₦73,000. Ó ku ₦18,000 tí wọn ò rántí. Ẹ jẹ́ kó dá dúró bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi tipátipá tì í sábẹ́ oúnjẹ, ẹ ó máa dín oúnjẹ kù nígbà tí oúnjẹ ò jẹ̀bi.

Owó iṣẹ́ oní-POS náà máa ń fara pa mọ́. Tó bá yọ ọ́ látinú káàdì, ẹni tó gba ₦10,000 lè rí ₦10,200 lórí sitétímẹ́ǹtì.

Lóṣù tó ń bọ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fowó ṣe sínú ìwé kékeré kí ẹ tó kúrò níwájú oní-POS. Bí ẹ bá sì ń fowó ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ kọ ọ́ síbi tí wọ́n pè ní Narration: «oògùn kòkó», «owó ilé ìwé». Orúkọ ẹni tó gba owó nìkan kì í tó láti mú yín rántí nígbà tí oṣù bá parí.